Oyin kò yẹ ìkókó: ohun tó yẹ kí ìyá ọmọ mọ̀ nípa bọ́túlísìmù

Ọjọ́ kẹjọ tí a bá bí ọmọ ni Yorùbá máa ń sọ ọ́ lórúkọ. Ìlú yòówù tí òwò tàbí iṣẹ́ bá gbé wa dé, a kì í fi àṣà yìí sílẹ̀. Ní Níámè, olú-ìlú orílẹ̀-èdè Nìjẹ̀r, níbi tí àwọn ọmọ Yorùbá ti ń ṣòwò láti ayé àwọn baba wa, bí wọ́n ti ń ṣe é ní Ògbómọ̀ṣọ́ àti ní Ṣakí náà ni wọ́n ń ṣe é níbẹ̀. Omi á wà nílẹ̀, iyọ̀ á wà, obì, orógbó àti ataare á wà, oyin kò sì ní gbẹ́yìn. Àgbà tó ń darí ètò á ti ìka bọ oyin, á fi kan ahọ́n ọmọ tuntun, á sì ṣàdúrà pé kí ayé ọmọ náà dùn. Gbogbo ilé á ṣe àmín.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, orí ìka kan ṣoṣo tí a tì bọ oyin yẹn ni ọ̀rọ̀ wa dá lé lọ́sẹ̀ yìí. A kò wá láti ba àṣà jẹ́, nítorí àṣà tó ní kí a gbàdúrà adùn fún ọmọ kò lẹ́bi. Ṣùgbọ́n oyin tí àgbàlagbà ń lá tí kò ṣe é ní nǹkan kan lè fi ọmọ ọjọ́ mẹ́jọ, ọmọ oṣù mẹ́ta tàbí ọmọ oṣù mẹ́sàn-án sínú àìsàn kan tí ń sọ gbogbo iṣan ara di rírọ, tí ó sì lè gba èémí lẹ́nu ọmọ náà. Bọ́túlísìmù ọmọ-ọwọ́ ni orúkọ àìsàn ọ̀hún. Òfin tí àwọn oníṣègùn fi lélẹ̀ lórí rẹ̀ kò ní àbùlà: ọmọ tí kò tí ì pé oṣù 12 kò gbọdọ̀ fẹnu kan oyin, ì báà ṣe ẹ̀kán kan péré.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ìdí ọ̀rọ̀. Kòkòrò àìfojúrí kan wà tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Kilositírídíọ̀mù bọtulínọ̀mù. Inú ilẹ̀ ni ilé rẹ̀ gan-an. Ó wà nínú erùpẹ̀, nínú eruku àti nínú ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ odò káàkiri àgbáyé. Kòkòrò yìí kò fẹ́ afẹ́fẹ́ rárá. Bí ó bá wà níbi tí afẹ́fẹ́ wà, tàbí níbi tí kò rí omi àti oúnjẹ, kì í kú. Ṣe ni yóò ká ara rẹ̀ kò, tí yóò fi èèpo líle bo ara, tí yóò sì di hóró kékeré kan bí irúgbìn tí òjò kò tí ì rọ̀ sí. Ó lè wà bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Omi tó ń hó yaya kì í pa hóró náà. Kí a tó lè pa á, a ó nílò ìgbóná tó ju ti omi híhó lọ, irú èyí tí wọ́n ń lò ní ilé iṣẹ́ tí ń ṣe oúnjẹ inú agolo, níbi tí wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ afúnpa mú ooru dé nǹkan bí ìwọ̀n 121 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́lṣíọ́ọ̀sì.

Báwo ni hóró yìí ṣe wá dé inú oyin? Oyin ń bà sí orí òdòdó, ó ń bà sí etí omi, ó ń bà sí ilẹ̀. Afẹ́fẹ́ ń gbé eruku lu ilé oyin, ọwọ́ ẹni tó ń kó afárá náà sì kan ilẹ̀ rí. Ní ìlú bíi Níámè, tí ọyẹ́ ń gbé eruku aṣálẹ̀ wọ̀ ní ọdọọdún, kò sí ẹni tó lè sọ pé eruku kò kan oyin òun. Bí hóró bá ti bọ́ sínú oyin, yóò kàn sùn síbẹ̀ ni. Kò lè hù níbẹ̀, nítorí pé oyin kò ní omi tó, adùn rẹ̀ pọ̀ jù, ó sì kan díẹ̀. Ìdí nìyẹn tí oyin kì í fi í bàjẹ́ bọ̀rọ̀, ìdí kan náà sì ni kò fi sí àmì kankan tí ojú lè rí, tí imú lè gbọ́ tàbí tí ahọ́n lè tọ́ wò. Oyin tó ní hóró àti oyin tí kò ní, bákan náà ni wọ́n rí, bákan náà ni wọ́n dùn. Oyin ìgàn tí kò ní àbùlà kò yàtọ̀ sí oyin ilé ìtajà ńlá lórí ọ̀rọ̀ yìí. A tilẹ̀ lè sọ pé ẹni tó bá fi gbogbo agbára wá oyin tòótọ́ fún ọmọ rẹ̀, hóró kan náà ló lè rí he.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti yí padà ni inú ìkókó. Bí àgbàlagbà bá lá oyin tó ní hóró, hóró náà yóò gba ọ̀nà ọ̀fun dé ìfun, yóò sì bá àìmọye kòkòrò mìíràn tó ti ń gbé ibẹ̀ láti ìgbà èwe. Àwọn wọ̀nyí ni onílé. Wọn kò ní gba àlejò láàyè láti fìdí kalẹ̀, hóró yóò sì bá ìgbẹ́ jáde láì ṣe ẹnikẹ́ni ní ibi. Inú ọmọ tuntun kò rí bẹ́ẹ̀. Bí oko tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣán ni ìfun rẹ̀ rí: ilẹ̀ ṣófo, kò sí igi tí yóò ṣíji bo èpò mọ́lẹ̀. Omi òróòro tó máa ń dí irú kòkòrò bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ kò sì tí ì pọ̀ tó nínú rẹ̀. Hóró tó bá dé ibẹ̀ rí ọ̀rinrin, ó rí oúnjẹ, kò sí afẹ́fẹ́ tí yóò dí i lọ́wọ́. Ó hù. Ó di kòkòrò alààyè, ó ń pọ̀ sí i, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí tu oró jáde sínú ìfun ọmọ náà.

Nítorí náà, kì í ṣe oró ló wà nínú oyin. Hóró ló wà níbẹ̀, inú ọmọ ni oró ti ń wá. Èyí ló ya bọ́túlísìmù ọmọ-ọwọ́ sọ́tọ̀ kúrò lára ti àgbàlagbà, nítorí àgbàlagbà tó bá ní bọ́túlísìmù sábà máa ń jẹ oúnjẹ tí oró ti wà nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni, bí oúnjẹ agolo tí wọn kò sè jinná kí wọ́n tó dé e pa. Ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn ọmọ tí àìsàn yìí ti mú kò tí ì pé oṣù mẹ́fà. Bí ọmọ bá ti ń jẹ oúnjẹ oríṣiríṣi, àwọn kòkòrò tó wúlò yóò máa kún inú ìfun rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ní ọmọ ọdún kan, onílé ti pọ̀ tó láti lé àlejò. Ibi tí oṣù 12 ti wá nìyẹn.

Kí ni oró náà ń ṣe? Bí ọpọlọ bá fẹ́ kí apá gbé nǹkan, yóò rán iṣẹ́ gba inú okùn ìmọ̀lára kọjá. Ní ìpẹ̀kun okùn yìí ni yóò ti fi iṣẹ́ náà lé iṣan lọ́wọ́, iṣan yóò sì fà. Oró bọ́túlísìmù ń dí ibi ìpẹ̀kun yìí gan-an. Ọpọlọ ń ránṣẹ́, iṣan wà ní sẹpẹ́, ṣùgbọ́n iṣẹ́ kò dé. Ọmọ náà kò sọ làákàyè nù, ó mọ ohun tó ń lọ, ara rẹ̀ ni kò dá a lóhùn mọ́.

Láàárín ọjọ́ mẹ́ta sí ọgbọ̀n ọjọ́ tí hóró bá wọlé ni àmì máa ń bẹ̀rẹ̀. Nítorí gígùn àkókò yìí ni ọ̀pọ̀ ìyá kò fi ní rántí oyin mọ́ nígbà tí àìsàn bá dé. Oyin ọjọ́ ìsọmọlórúkọ lè di àìsàn nígbà tí ọmọ ti pé ogójì ọjọ́ ó dín díẹ̀, tí àwo àti ìgò ọjọ́ náà ti kúrò nílẹ̀ tipẹ́.

Àmì àkọ́kọ́ kì í ba ènìyàn lẹ́rù. Ọmọ kò yàgbẹ́ fún ọjọ́ mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìyá yóò ní inú ọmọ ló dì, ìyá àgbà yóò sì dábàá àgbo. Lẹ́yìn náà ni ọmú mímu yóò bẹ̀rẹ̀ sí dín kù. Ọmọ yóò gba ọmú sẹ́nu, yóò fà á lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹ́ta, yóò sì rẹ̀ ẹ́. Ọmú ìyá yóò máa kún, yóò máa ro ó, nítorí pé ọmọ kò mu ún tán mọ́. Ìyá tó bá ń fi ọkàn sí ara rẹ̀ lè tipa báyìí mọ̀ kí ẹlòmíràn tó mọ̀. Ẹkún ọmọ yóò wálẹ̀, ọmọ tó máa ń ké tí àdúgbò ń gbọ́ yóò wá máa ké bí ẹyẹ tí òjò pa. Ìpéǹpéjú rẹ̀ yóò wó bo ojú bí ẹni tí oorun ń kùn. Ojú rẹ̀ kò ní rẹ́rìn-ín, kò sì ní fajúro. Itọ́ yóò máa dà lẹ́nu rẹ̀ nítorí pé kò lè gbé e mì.

Láti orí ni ìrọ̀ yìí ti ń sọ̀ kalẹ̀. Ojú àti ẹnu ló ń kọ́kọ́ kàn, ọrùn tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà apá, lẹ́yìn náà ẹsẹ̀. Bí a bá di ọmọ náà ní ọwọ́ méjèèjì tí a rọra fà á dìde láti orí ẹní, orí rẹ̀ yóò ṣubú sẹ́yìn, bẹ́ẹ̀ ó ti ń gbé orí ró ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Ní ìkẹyìn ni iṣan tí ń fẹ àyà yóò kàn, ibẹ̀ ni ikú sì ń gbà wọlé. Ohun kan tí ó yẹ kí a fi sọ́kàn ni pé ara ọmọ náà kì í sábà gbóná. Ìwọ̀nba ibà tàbí ikọ́ lè wà bí àìsàn mìíràn bá dà pọ̀ mọ́ ọn, ṣùgbọ́n bọ́túlísìmù fúnra rẹ̀ kì í mú ara gbóná.

Ẹ jẹ́ kí a wo ọmọ kan tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀ sí, tí gbogbo ayé sì gbọ́. Ọmọkùnrin oṣù mẹ́fà ni, ní àdúgbò Adáṣì ní ìlú Tókíò, olú-ìlú Jàpáánù. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí fi oúnjẹ díẹ̀ kún ọmú fún un ní oṣù kìíní ọdún 2017, àwọn ará ilé rẹ̀ ń po oyin mọ́ omi èso tí wọ́n rà ní ọjà, wọ́n sì ń fún un mu ní nǹkan bí ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́. Oyin tó ń wọ inú rẹ̀ lójoojúmọ́ kò ju nǹkan bí gíráàmù 10 lọ, èyí tí kò tó ṣíbí ìjẹun kan. Ìfẹ́ ni wọ́n fi ń ṣe é, wọ́n gbà pé oyin ń ṣe ara lóore. Nǹkan bí oṣù kan ni wọ́n fi ṣe bẹ́ẹ̀. Ní ààrin oṣù kejì, ikọ́ àti ikun imú mú ọmọ náà. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, gìrì mú un, mímí sì nira fún un, ni wọ́n bá sáré gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Wọ́n rí kòkòrò bọ́túlísìmù nínú ìgbẹ́ rẹ̀, wọ́n sì tún rí i nínú ìgò oyin tí wọ́n ti ṣí nínú ilé. Ní ọjọ́ 30, oṣù kẹta, ọmọ náà kú. Ìjọba Jàpáánù ti ń kìlọ̀ nípa oyin àti ìkókó láti ọdún 1987. Láti ìgbà náà, òun ni ọmọ àkọ́kọ́ tí wọ́n mọ̀ dájú pé bọ́túlísìmù ọmọ-ọwọ́ pa ní orílẹ̀-èdè náà.

Ẹ ṣàkíyèsí ohun méjì nínú ìtàn yìí. Èkíní ni pé àmì tó kọ́kọ́ hàn síta jọ ti òtútù lásán. Èkejì ni pé Jàpáánù kì í ṣe orílẹ̀-èdè tí kò ní ilé ìwòsàn. Ibẹ̀ ni ẹ̀rọ tí ń bá ènìyàn mí wà, ibẹ̀ ni oníṣègùn tó mọṣẹ́ wà, síbẹ̀ ọmọ náà kò yè é.

Àìsàn náà fúnra rẹ̀ kò tí ì pẹ́ nínú ìwé. Ní ọdún 1976 ni àwọn oníṣègùn ní ìpínlẹ̀ Kalifọ́níà, nílẹ̀ Amẹ́ríkà, kọ́kọ́ dá a mọ̀ gẹ́gẹ́ bí àìsàn tó dá dúró. Ní ọdún 1979, Dókítà Stephen Arnon àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé àbájáde ìwádìí wọn jáde. Wọ́n yẹ oríṣiríṣi oúnjẹ àwọn ọmọ wò, oyin nìkan ni wọ́n ti rí kòkòrò náà. Nínú 90 oyin tí wọ́n yẹ̀ wò, mẹ́sàn-án ló ní i. Nínú àwọn ọmọ 41 tí wọ́n gbà sí ilé ìwòsàn ní Kalifọ́níà, 12 ló ti lá oyin kí àìsàn tó bẹ̀rẹ̀. Láti ìgbà náà ni ìkìlọ̀ ti ń lọ kiri.

Ìṣirò yìí fúnra rẹ̀ sọ òtítọ́ kan tí a kò gbọdọ̀ fi pamọ́. Àwọn tó kù nínú àwọn ọmọ 41 náà kò lá oyin. Eruku tí wọ́n gbé mì ni a gbà pé ó kó hóró dé inú ọ̀pọ̀ nínú wọn. A kò lè ní kí ọmọ má ṣe mí eruku, pàápàá ní Níámè. Ṣùgbọ́n oyin ni ọ̀nà kan tí a mọ̀ dájú tí a sì lè dí pa láì ná kọ́bọ̀.

Wàyí o, ẹnìkan lè béèrè pé: ọmọ mélòó ni bọ́túlísìmù ti mú ní Níámè? Ìbéèrè gidi ni. Ní ọdún 2008, àwọn olùwádìí gbé ìṣirò kan jáde, nínú èyí tí wọ́n ti kó ìròyìn àìsàn yìí jọ káàkiri ayé láti 1976 dé 2006. Orílẹ̀-èdè 26, tó fi mọ́ ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ló ròyìn àìsàn náà, yàtọ̀ sí ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ọmọ 524 ni wọ́n rí. Éṣíà wà nínú rẹ̀, Yúróòpù wà, Ọsirélíà wà, Amẹ́ríkà ti àríwá àti ti gúúsù wà. Áfíríkà kò sí níbẹ̀. Ẹni tó bá yára ka èyí lè ní àìsàn àwọn òyìnbó ni. Ṣùgbọ́n àwọn tó ṣe ìwádìí náà kò sọ bẹ́ẹ̀. Ohun tí wọ́n rí ni pé ibi tí a kò ti dá àìsàn yìí mọ̀ pọ̀, àti pé orílẹ̀-èdè tí kò bá wá a kò ní rí i.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe lè rí nìyí. Kí a tó lè fìdí bọ́túlísìmù múlẹ̀, a gbọ́dọ̀ gba ìgbẹ́ ọmọ náà, kí a wá kòkòrò àti oró nínú rẹ̀ ní yàrá ìṣàyẹ̀wò tó ní irinṣẹ́ àkànṣe. Ọ̀pọ̀ ìlú ńlá ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ni kò ní irú yàrá bẹ́ẹ̀. Bí a bá wá gbé ọmọ tí ara rẹ̀ rọ, tí kò mu ọmú, dé ilé ìwòsàn, ohun tí oníṣègùn yóò kọ́kọ́ rò ni ibà, tàbí kòkòrò tó wọ inú ẹ̀jẹ̀, tàbí àìsàn inú awọ ọpọlọ. Kò jẹ̀bi, nítorí pé àwọn wọ̀nyí wà lára ohun tó ń pa àwọn ọmọ ní Nìjẹ̀r, wọ́n sì pọ̀ ju bọ́túlísìmù lọ fíìfíì. Bí ọmọ náà bá kú, orúkọ ọ̀kan nínú wọn ni wọn yóò kọ sílẹ̀.

Ewu kan tún farapamọ́ síbẹ̀. Oògùn apakòkòrò tí a ń pè ní jẹntamáísìnì wà lára àwọn tí wọ́n máa ń tètè gún fún ìkókó tí a bá fura pé kòkòrò wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Oògùn tó ń gba ẹ̀mí là ni. Ṣùgbọ́n òun náà máa ń dín iṣẹ́ tí okùn ìmọ̀lára ń gbé fún iṣan kù. Nínú ọmọ tó ní bọ́túlísìmù, ó lè sọ ìrọ̀ di púpọ̀ sí i, kí èémí ọmọ náà sì dá lójijì. Ìdí nìyí tó fi ṣe pàtàkì kí oníṣègùn gbọ́ ọ̀rọ̀ oyin kí ó tó kọ oògùn. Kì í ṣe pé kí ìyá kọ abẹ́rẹ́. Kí ó sọ ohun tó mọ̀ ni.

Nítorí náà, bí ìkókó bá dáwọ́ ìyàgbẹ́ dúró, tí ẹkún rẹ̀ wálẹ̀, tí kò lè fa ọmú mọ́, ẹ má dúró di ọjọ́ kejì. Ẹ má fún un ní àgbo, ẹ má sì fi agbára rọ omi tàbí wàrà sí i lẹ́nu, nítorí pé ọmọ tí kò lè gbé itọ́ mì yóò fa omi náà sínú ẹ̀dọ̀fóró. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá. Ohun mẹ́rin ni kí ẹ sọ fún oníṣègùn: ọjọ́ orí ọmọ, ọjọ́ tó yàgbẹ́ kẹ́yìn, ọjọ́ tí ọmú mímu bẹ̀rẹ̀ sí yí padà, àti bóyá oyin ti kan ẹnu rẹ̀ láti oṣù kan sẹ́yìn. Ní Níámè, èdè Faransé ni iṣẹ́ ìwòsàn ń lò. Mìyẹ́ẹ̀lì ni wọ́n ń pe oyin. Ẹ fi orúkọ yẹn sẹ́nu.

Ìtọ́jú wà. Èyí tó ṣe kókó jù lọ ni kí a bá ọmọ náà mí, kí a sì bá a jẹun. Wọn yóò gba imú ọmọ ki rọ́bà tín-ín-rín dé ikùn rẹ̀ láti fún un ní wàrà ìyá rẹ̀, bí èémí bá sì ń kùnà, ẹ̀rọ ni yóò máa fẹ àyà rẹ̀. Ẹ̀rọ̀ oró náà wà pẹ̀lú, láti ara ẹ̀jẹ̀ àwọn àgbàlagbà tí wọ́n ti gba àjẹsára bọ́túlísìmù ni wọ́n ti ń ṣe é. Ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i ní ọdún 2003. Ìwádìí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2006 fi hàn pé àwọn ọmọ tó gbà á lo nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì ààbọ̀ ní ilé ìwòsàn, nígbà tí àwọn tí kò gbà á lo ohun tó lé ní ọ̀sẹ̀ márùn-ún. Ẹ̀ka ìlera ìpínlẹ̀ Kalifọ́níà ló ń pín in, owó rẹ̀ fún ọmọ kan sì pọ̀ gan-an. Ẹ̀rọ̀ náà ń mú oró tó ṣì ń rìn nínú ẹ̀jẹ̀ ni. Kò lè tú èyí tó ti dí okùn ìmọ̀lára. Ìpẹ̀kun tuntun ni okùn náà gbọ́dọ̀ hù, èyí sì ń gba ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Níbi tí gbogbo ìtọ́jú yìí bá wà, ó ṣọ̀wọ́n kí ọmọ kú, ọ̀pọ̀ ló ń bọ̀ sípò pátápátá. Níbi tí ẹ̀rọ tí ń bá ọmọ mí kò bá sí lárọ̀ọ́wọ́tó, ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin náà mọ iye ibi tí ó wà láàárín Níámè àti ìlú tí ẹ ti ń ka ìwé ìròyìn yìí.

A mọ ohun tí àwọn kan yóò sọ. Wọn yóò ní: bí a bá se oyin ńkọ́? A ti dáhùn rẹ̀ lókè. Iná ìdáná kò pa hóró. Oyin tí a pò mọ́ ògì gbígbóná, oyin tí a pò mọ́ omi ọsàn wẹ́wẹ́ fún ikọ́, oyin tí a pò mọ́ àgbo, ọ̀kan náà ni gbogbo wọn. Wọn yóò ní: ẹ̀kán kan ńkọ́? Hóró kò nílò láti pọ̀ kí ó tó hù, nítorí pé inú ọmọ ló ti ń di púpọ̀. Ní ọdún 2018, ọmọ mẹ́rin ní ìpínlẹ̀ Tẹ́ksáàsì, nílẹ̀ Amẹ́ríkà, ló ní bọ́túlísìmù láàárín oṣù kẹjọ sí oṣù kẹwàá. Rọ́bà ìfàmu tí wọ́n fi oyin sí nínú, èyí tí wọ́n rà láti Mẹ́síkò, ni gbogbo wọn ń fà lẹ́nu.

Wọn yóò tún ní: àwọn baba wa ń fi oyin sọ ọmọ lórúkọ, a sì yè. Òtítọ́ ni. Kì í ṣe gbogbo oyin ló ní hóró, kì í sì í ṣe gbogbo ọmọ tí hóró bá wọ inú rẹ̀ ló ń ṣàìsàn. Àìsàn tó ṣọ̀wọ́n ni. Ṣùgbọ́n àwa tí a yè là ń sọ̀tàn. Ayé àtijọ́, ọmọ tó bá kú kó tó pé oṣù mẹ́ta, àbíkú ni wọ́n ń pè é, kò sí ẹni tó béèrè ohun tó lá.

Ẹ̀rù kan tí kò yẹ kí ìyá bà ni ti ọmú. Ìyá tó ń fọ́mọ lọ́mú lè lá oyin bó ti wù ú. Hóró kì í gba inú ìfun àgbàlagbà kọjá sínú wàrà. Aboyún náà lè lá a. Kí ìyá ṣá ti fọ ọwọ́ rẹ̀, kí ó má sì ṣe fi oyin pa orí ọmú láti fi fa ọmọ mọ́ra.

Ó wá ku ti ọjọ́ ìsọmọlórúkọ. Yorùbá mọ bí a ti ń bá ọmọ gba ohun tí ọwọ́ rẹ̀ kò tí ì tó. A kì í fi obì sẹ́nu ọmọ ọjọ́ mẹ́jọ pé kó rún un. Ìyá tàbí baba ló ń bá a jẹ ẹ́, àdúrà sì gbà. Kí oyin náà tẹ̀ lé ọ̀nà kan náà. Kí ìgò oyin wà nílẹ̀, kí àgbà sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ pé, kí ó fi kan ahọ́n ìyá, kí baba lá a, kí gbogbo àlejò lá a yí ká. Ẹnu ọmọ, wàrà ọmú nìkan ni kó kàn án. Àwọn Mùsùlùmí, tó pọ̀ jù ní Níámè, ní àṣà fífi dàbínù rírọ̀ kan òkè ẹnu ọmọ tuntun. Dàbínù ló wà nídìí àṣà náà, àwọn kan ló ń fi oyin rọ́pò rẹ̀ bí wọn kò bá rí i. Kí ẹni tí kò rí dàbínù bá àáfà rẹ̀ sọ̀rọ̀, kí ó má sì fi oyin dí i.

Oyin kì í kan, kì í sì í rà. Ìgò tí a dé dáadáa lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ yóò ṣì wà níbẹ̀ ní ọjọ́ tí ọmọ bá pé ọdún kan. Ọjọ́ yẹn ni kí ẹ ṣí i fún un.